Bí mo ṣe ń tẹ́ káàdì mẹ́fà fún ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ dalẹ̀

Ìyá aláṣọ kan láti Ọjà Gbági Titun wá bá mi ní Òkè-Àdó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi béèrè pé, "Àǹtí, ṣé kí n dárí jì í kí n dúró ni, àbí kí n máa lọ?" Mo ní kí wọ́n mu omi ná. Ìbéèrè méjì ni wọ́n so mọ́ra yẹn, wọ́n sì rò pé ẹyọ kan ni. Èèyàn lè dárí ji ọkọ kó sì kó ẹrù rẹ̀ jáde. Èèyàn sì lè dúró sílé fún ogún ọdún láìdárí ji ẹnikẹ́ni, gbogbo wa la mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Kí ìbéèrè méjèèjì má baà wọnú ara wọn ni mo ṣe ń tẹ́ káàdì ní ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. (Wọ́n gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ wọn, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.)

Káàdì táró ni mò ń sọ o, kì í ṣe wọ́ọ̀tì. 78 ló wà nínú páálí kan. 22 nínú wọn ni káàdì ńlá, bí Òṣùpá, Ìràwọ̀ àti Ilé Gogoro tí mànàmáná sán lù. 56 tó kù pín sí ìdílé mẹ́rin: ife, idà, ọ̀pá àti ẹyọ owó. Páálí tí Pamela Colman Smith ya àwòrán rẹ̀, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1909, ni kí ẹ wá fún iṣẹ́ yìí, torí ó ya èèyàn tó ń ṣe nǹkan sórí gbogbo káàdì kéékèèké. Nínú ọ̀pọ̀ páálí àtijọ́, káàdì Idà Méje kò ju idà méje lọ, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kò sì ní rí nǹkan sọ sí i.

Kì í ṣe Ifá náà. Kò ní odù, kò ní ẹbọ, eré ayò ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi irú káàdì yìí ta ní Ítálì ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí Ifá wí, kó lọ bá babaláwo. Tèmi ni pé mo gbé àwòrán síwájú èèyàn, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ti mọ̀ tí kò tíì lè sọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì

Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè nǹkan méjì. Èkíní: ṣé ó ń nà yín, tàbí ó ń halẹ̀ mọ́ yín? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tẹ́ káàdì kankan. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti ẹni tí wọ́n máa pè la máa sọ. Èkejì: ṣé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀? Ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ èyí, ṣùgbọ́n ọkọ tàbí aya tó ti bá ẹlòmíì sùn lè ti kó àrùn wálé. Ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò kòkòrò éèdì ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí àyẹ̀wò ọjọ́ kìíní lè má tíì rí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Káàdì kankan ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá lẹ́yìn tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ojú mi ló rí èyí. Ní alẹ́ tí mo mọ̀ nípa tèmi, iná ti lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo sì tẹ́ káàdì lẹ́ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, mi ò fẹ́ ohun tí mo rí, mo kó wọn pọ̀. Ìgbà kejì dára, ọkàn mi ò gbà á gbọ́. Nígbà tí mo fi máa dé ẹ̀ẹ̀kẹrin, mi ò ka nǹkan kan mọ́, mo kàn ń wá káàdì tó máa bá mi bú u ni. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹ fẹ́ tún un tẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹ kó páálí náà pamọ́, kò tíì tó àsìkò.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni ìbéèrè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì jẹ́ nípa ẹni tó jókòó níwájú yín. "Ṣé ó ṣì ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn?" kì í ṣe ìbéèrè táró. Ẹ bi ọkọ yín, tàbí kí ẹ wádìí. Bí mo bá fa káàdì kan tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tó sì jẹ́ pé kò lọ, mo ti da ilé rú nìyẹn. Èyí tí a kọ lọ́jọ́ náà ni: "Bí mo bá dúró, kí ló máa ná mi, kí sì ni ìdáríjì jẹ́ fún mi, yálà mo dúró tàbí n ò dúró?"

Ibi tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń jókòó

Ẹ fojú inú wo aṣọ tó ya láàárín. Ìlà mẹ́ta la máa tẹ́. Káàdì kìíní wà lókè láàárín, òun ni ibi tó ya: kí ló bàjẹ́ gan-an? Káàdì kejì wà lọ́wọ́ òsì yín, ó ń sọ ohun tí ẹ ṣì ń gbé kiri látọjọ́ náà. Ẹ̀kẹta kọjú sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, òun ni ohun tí ọwọ́ ẹnì kejì ń ṣe láti tún un ṣe. Ọwọ́ ni mo wí o. Ohun tí ẹ fojú rí tí ó ń ṣe ni, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, torí ẹnikẹ́ni nínú wa ò sí lọ́kàn rẹ̀.

Káàdì kẹrin jókòó láàárín àwọn méjèèjì bí òwú. Òun ni ìgbẹ́kẹ̀lé tó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni méjì nísàlẹ̀: ìkarùn-ún lósì ni iye tí dídúró máa ná yín, ìkẹfà lọ́tùn-ún ni ìdáríjì láìka dídúró tàbí lílọ sí. Ẹ fi àyè bíi fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ sáàárín ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Àyè yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ máa rí i tó bá yá.

Ẹ po káàdì títí ọwọ́ yín fi balẹ̀, kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ pín in sí méjì, kí ẹ sì tẹ́ ẹ látòkè. Bí káàdì bá dorí kodò, mo máa ń yí i padà kó dúró dáadáa. Àwọn kan máa ń ka káàdì tó dorí kodò lọ́tọ̀, èmi náà sì ń kà á nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tàbí ìrìn àjò. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ṣe é. Ẹni tí wọ́n ti dalẹ̀ ti ń wá àmì burúkú kiri, ohunkóhun tó bá dorí kodò, èpè ló máa pè é.

Kíkà rẹ̀: tábìlì ìyá aláṣọ

Ọkọ wọn ti ń bá obìnrin kan lọ ní apá Mọ́níyà fún nǹkan bí ọdún kan. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní ọ̀rọ̀ lásán ni àwọn ń sọ lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n rí álàátì owó ilé tó san fún obìnrin náà. Ìgbà yẹn ló tó kúnlẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ ti wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí gbogbo káàdì, kí ẹ sì wò wọ́n láìsọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ka iye káàdì ńlá tó wà níbẹ̀. Nínú mẹ́fà, ọ̀kan tàbí méjì ni kí ẹ máa retí, torí díẹ̀ ju ìdá mẹ́rin páálí lọ ni wọ́n. Bó bá ti tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ náà ti ju ìwà àìdáa ọjọ́ kan lọ, ẹ bi í bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Tiwọn kò ní ẹyọ káàdì ńlá kan. Ohun tí èyí sọ fún mi ni pé nínú ìṣe ojoojúmọ́ ni ká ti wá ìdáhùn: fóònù, owó, àsìkò tí èèyàn ń wọlé.

Káàdì kìíní ni Idà Méje. Ọkùnrin kan ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jáde nínú àgọ́, ó kó idà márùn-ún dání, ó ń wẹ̀yìn, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Olè ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa rí, kí wọ́n sì kọjá. Èmi sọ fún wọn pé kí wọ́n ka idà náà. Márùn-ún wà lọ́wọ́ rẹ̀, méjì ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò lè kó gbogbo rẹ̀. Mo béèrè pé, "Nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, èwo ló dùn yín jù?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Obìnrin yẹn kọ́. Ọ̀sẹ̀ tó fi wò mí lójú tó ní ọ̀rọ̀ lásán ni." Ibi tó ya nìyẹn. Bí a bá ti fi "ó yan àlè" sí ibẹ̀ ká sì máa lọ, ibi tí kò ya la máa rán.

Lọ́wọ́ òsì, Ọ̀pá Mẹ́sàn-án. Ọkùnrin tó fi aṣọ di orí tó fọ́, ó dì mọ́ ọ̀pá kan, mẹ́jọ tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ọgbà, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín kí n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní aago méjì òru ni wọ́n ń jí láti yẹ fóònù rẹ̀ wò, ojoojúmọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n alákàn náà ń sùn.

Lọ́wọ́ ọ̀tún, Ẹyọ Owó Mẹ́jọ: oníṣẹ́ ọwọ́ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi òòlù gbẹ́ owó lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti parí wà lára òpó. Káàdì tó dára ni níbí yìí, àmọ́ ẹ má tíì yọ̀. Ó ń sọ irú àtúnṣe tó lè dúró, ìyẹn èyí tó ń padà wá lójoojúmọ́. Kò sọ pé ọkọ wọn ti ń ṣe é. Torí náà mo ní kí wọ́n dárúkọ ohun tí ó ti ṣe, kì í ṣe ohun tó ti sọ. Wọ́n ka mẹ́ta: ó ti san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kí wọ́n tó béèrè, ó ti fi ìwé owó báńkì rẹ̀ hàn wọ́n, ó sì ti ń wálé kí aago méje tó lù. Mo béèrè iye ọjọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá. A kọ "ọjọ́ 11" sínú ìwé. Bí wọn ò bá ti rí nǹkan kan kà, tó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ àti omijé nìkan, káàdì kan náà ni ì bá máa sọ ohun tó sọnù.

Láàárín, Ife Márùn-ún. Èèyàn kan nínú aṣọ dúdú tẹ orí ba síwájú ife mẹ́ta tó dà nù. Ife méjì dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀, kò sì wẹ̀yìn. Níbi ìgbẹ́kẹ̀lé tó ṣẹ́kù, mi ò mọ káàdì tó ṣe kedere jù báyìí lọ: ó dín kù, ó sì kù. Àṣìṣe tó wà níbí ni pé kí ẹni tó ń ka káàdì sáré sọ pé "ẹ wo méjì tó kù, ẹ má sunkún mọ́." Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ mẹ́ta tó dà nù. Wọ́n ní: ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìrìn àjò rẹ̀, àti orí ibùsùn. Méjì tó kù ńkọ́? Ó gba àkókò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, wọ́n ní kò fi ṣeré rí. Ìkejì ni pé nígbà tí ìyá wọn ṣàìsàn ní UCH, òun ló sùn sórí àga fún òru mẹ́fà. Ife méjì tó lórúkọ ló tó láti fi ṣe nǹkan. "A ṣì fẹ́ràn ara wa" kì í ṣe ife kankan.

Nísàlẹ̀ lósì, iye dídúró: Ọ̀pá Mẹ́wàá. Ọkùnrin kan gbá ọ̀pá mẹ́wàá mọ́ra, ó tẹ̀ síwájú, igi náà sì bo ojú rẹ̀ débi pé kò rí ilé tó ń lọ. Ẹ wá wo òkè rẹ̀ tààrà. Ọ̀pá Mẹ́sàn-án ló wà níbi ohun tí wọ́n ń gbé kiri, mẹ́wàá ló wà níbi iye. Ìdílé kan náà, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Irú ìtẹ̀léra báyìí ṣọ̀wọ́n, tó bá sì wá, ẹ kà á pọ̀: ìṣọ́ yìí ló máa di ẹrù. Ohun tí dídúró máa ná wọn kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ẹnu ayé. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni, tí wọ́n á máa ṣe nínú ilé ara wọn lójoojúmọ́ láìgba owó oṣù. Mo bi wọ́n bí ọjà ṣe rí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ka yáàdì léèsì fún oníbàárà lódì, torí oorun. Ẹrù náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìkẹfà, Idà Mẹ́fà, ni wọ́n rí tí ojú wọn fi yí padà. Atukọ̀ kan ń tu obìnrin àti ọmọ kan kọjá omi, idà mẹ́fà sì gún inú ọkọ̀ náà níwájú wọn. "Ó ní kí n máa kó ọmọ mi lọ nìyẹn." Rárá o. Bí káàdì yìí bá wà níbi ìkarùn-ún, a lè sọ̀rọ̀ lílọ. Ibi ìdáríjì ló jókòó sí, ibi tó bá jókòó sí ló sì ń pàṣẹ fún àwòrán. Iṣẹ́ àyè tí a fi sáàárín ìkarùn-ún àti ìkẹfà nìyẹn. Mo ti ìkẹfà síwájú díẹ̀ sí i, mo ní kí wọ́n wo idà yẹn dáadáa. Wọ́n gún ọkọ̀ náà, ó ń lọ síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá fà wọ́n yọ láàárín odò, omi á wọlé. Ìdáríjì tiwọn, bí mo ṣe kà á, kò sọ pé kí wọ́n gbàgbé, kò sì sọ pé kí wọ́n ṣe bí ẹni tí nǹkan ò ṣe. Ó ń gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ síbi tí omi ti rọ̀.

Àwọn fúnra wọn ló fi ọ̀rọ̀ aṣọ dáhùn. Wọ́n ní bí léèsì bá ya, tí télọ̀ fi òwú tó le jù ú lọ rán an, ojú ibi tó rán kò ní ya mọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ya. Wọ́n ní fóònù aago méjì òru ni òwú líle yẹn.

Ohun tí ẹ máa mú kúrò nídìí tábìlì

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ láìkọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: ohun kan tí wọ́n fẹ́ kí ẹnì kejì máa ṣe tí ojú lè rí, ohun kan tí àwọn náà máa dẹ́kun, àti ọjọ́ tí wọ́n máa wò ó. Ìyá aláṣọ kọ pé kí ọkọ sọ ìyókù òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níwájú ẹnìkan tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún, torí idà méjì tó kù nílẹ̀. Wọ́n kọ pé fóònù á di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé nìkan, kí òun náà jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ tí a mú jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ sí i. Láàárín rẹ̀, a ò tẹ́ káàdì kankan.

Àwọn káàdì kan wà tó máa ń da ẹni tó ń kà wọ́n láàmú nínú títẹ́ yìí. Bí Èṣù inú páálí (orúkọ burúkú ni wọ́n fún un, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Èṣù Ọ̀dàrà) bá bọ́ síbi iye dídúró, ẹ wo ẹ̀wọ̀n ọrùn ọkùnrin àti obìnrin inú rẹ̀: ó tóbi tó láti bọ́ kúrò lórí. Ẹ béèrè ohun tó ń dá wọn dúró tí kì í ṣe ìfẹ́, ó lè jẹ́ ilé tí wọ́n jọ kọ́. Bí Ife Méjì bá bọ́ síbi àtúnṣe, ẹ má pariwo ayọ̀. Ife méjì ń fẹ́ ọwọ́ méjì, ẹ béèrè bóyá ẹnì kejì na tirẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ ń yí ìtumọ̀ àyè kan padà kí káàdì tó bọ́ síbẹ̀ lè dùn ún gbọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, nígbà tí ẹni tó jókòó níwájú mi jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Mi ò tẹ́ èyí fún ọ̀rẹ́ mọ́.

Wọ́n padà wá ní ọjọ́ kejìlélọ́gbọ̀n, nítorí òjò. Wọ́n mú ìwé náà dání. Ọkọ ti sọ ìyókù níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, ó sì pọ̀ ju ohun tí wọ́n rò lọ. Wọ́n ka ìrọ̀lẹ́ Sátidé mẹ́rin, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan tí ọkọ kò jókòó tì wọ́n. Mo béèrè bóyá ká tún tẹ́ káàdì. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó di ìgbà míì, wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ lọ sùn, oníbàárà kan ń bọ̀ wá kó yáàdì ogójì láàárọ̀.